Ẹ̀síkírò: Owó Tí Ìwé Ń Ṣọ́

Ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Èèyàn ń wá ọjà kiri lórí Fesibúùkù, ó rí èyí tó wù ú, ó ránṣẹ́ sí ọlọ́jà lórí Wasáàpù, ọlọ́jà sì fèsì pé bí ọkàn oníbàárà kò bá balẹ̀, kí àwọn jọ lo “escrow”. Ní Pobẹ̀ àti Sakété, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ìwé, etí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó má ta gìrì. Ẹ̀síkírò ni Faransé ń pe oníjìbìtì! Bí a bá pe méjèèjì, ìró kan náà ló ń jáde. Inú ìwé nìkan la ti lè rí i pé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn wọn yàtọ̀. Ọlọ́jà ní ká fi owó sí ẹ̀síkírò, etí wa ń gbọ́ pé ká fi owó lé oníjìbìtì lọ́wọ́.

Ìfura yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan, nítorí àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní gẹ́máànù, mọ ọ̀rọ̀ náà lò dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Inú èdè Itálì ni Faransé ti yá orúkọ oníjìbìtì. Ẹ̀síkírò tí à ń wí yìí, inú Faransé àtijọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: ẹ̀síkúrù, ìyẹn ìrépé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn akọ̀wé ń kọ ọ̀rọ̀ sí kí bébà tó gbòde. Àwọn ará Nọ́máńdì tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 gbé èdè wọn débẹ̀, Faransé wọn sì di èdè ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn amòfin ló wá fún ìrépé awọ náà ní iṣẹ́ tuntun. Bí onílẹ̀ bá fẹ́ ta ilẹ̀ fún ẹni tí kò tíì san owó tán, yóò kọ ìwé ilẹ̀, yóò lu èdìdì sí i, ṣùgbọ́n kò ní fi lé olùrà lọ́wọ́. Ẹni kẹta ni yóò fi pamọ́ sí lọ́wọ́, yóò ní, “Ọjọ́ tí lágbájá bá sanwó tán ni kí o fún un.” Títí di ọjọ́ náà, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni kẹta kì í ṣe ìwé ilẹ̀, ìrépé awọ lásán ni. Ọjọ́ tí àdéhùn bá ṣẹ ni awọ tó di ìwé, tí ilẹ̀ sì di ti olùrà.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìbátan kan tí a máa ń gbọ́ nínú ìròyìn orí rédíò. Bí wọ́n bá tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, Faransé a ní wọ́n ti ṣe “lefé dékúrù” fún un. Ékúrù yẹn, láti ara ẹ̀síkúrù kan náà ló ti wá: òun ni àkọsílẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó sọ ẹni tí wọ́n gbà wọlé, ọjọ́ tó wọlé, àti àṣẹ tó mú un wọlé. Wọ́dà kò lè tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ nítorí pé àánú rẹ̀ ṣe é, kò sì lè dá a dúró nítorí pé ó kórìíra rẹ̀. Ìwé ló mú un wọlé, ìwé ni yóò mú un jáde. Bó ṣe yẹ kí owó inú ẹ̀síkírò rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń dì í mú kò gbọ́dọ̀ ní agbára kankan lórí rẹ̀ ju èyí tí ìwé fún un lọ.

Faransé òde òní kì í lo ẹ̀síkúrù fún iṣẹ́ yìí mọ́. Sekẹ́sítìrì ni àwọn amòfin Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ń pè é, látinú Látìnì. Nínú Látìnì, orúkọ ènìyàn ni, kì í ṣe orúkọ ìwé: ẹni kẹta tí àwọn méjì tó ń du nǹkan gbé nǹkan náà fún títí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi yanjú. Ìwé òfin ìlú tí Faransé ṣe ní 1804, èyí tí àwọn amúnisìn gbé wá sí Dàhòmì, ya orí kan sọ́tọ̀ fún un. Nínú rẹ̀, abala 1956 ní àwọn méjì lè fi ohun tí wọ́n ń jà sí sọ́wọ́ ẹni kẹta, kí ó fún ẹni tí ó bá tọ́ sí lẹ́yìn tí ìjà bá parí. Abala 1960 ló wá wúlò jù fún ọ̀rọ̀ tiwa. Ó ní ẹni tó ń di nǹkan náà mú kò lè sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ kí ìjà tó parí, àfi bí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá jọ fọwọ́ sí i, tàbí bí ìdí kan tí òfin gbà bá wà. Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n wí. Ohùn olùrà nìkan kò tó, ohùn ọlọ́jà nìkan kò tó.

Orúkọ méjì nìyí fún iṣẹ́ kan. Ọ̀kan sọ ìwé lórúkọ, èkejì sọ ẹni tó di ìwé mú lórúkọ. Yorùbá ńkọ́? A ní onídùúró, ìyẹn oní àti ìdúró: ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n onídùúró kì í di owó kankan mú. Ìgbà tí ajigbèsè bá sá lọ ni wọ́n tó ń wá a, àpò ara rẹ̀ ni yóò sì ti san án. A ní alájọ, tó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ gba owó. Òun ń di owó mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó oníkálukú ni, ọjọ́ nìkan ló ń dúró dè. Bí oṣù bá pé, kò sí ẹni tí yóò bá ọ jà sí tìrẹ. A tún ní ìdógò, ohun tí a fi sílẹ̀ kí a tó gba owó. Ọwọ́ ẹni tó yáni lówó ni ìdógò máa ń wà, ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ kàn ló wà. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀síkírò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ẹ̀síkírò, owó kan ṣoṣo lè di ti ẹni méjì, a kò sì tíì mọ ẹni tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó dì í mú kò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú àròkọ yìí, màá pe ẹni náà ní agbàdìmú.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ agbàdìmú ti wá di ohun tí ẹni kẹ́ni lè nílò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọlọ́jà àti olùrà kì í ti í rí ara wọn sójú. Ìlú Ṣáínà ló fi èyí hàn kedere jù. Ní 2003, wọ́n dá ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Taobao. Àwọn ènìyàn ń wo ọjà, wọn kò rà, nítorí olùrà ń bẹ̀rù láti kọ́kọ́ sanwó, ọlọ́jà náà ń bẹ̀rù láti kọ́kọ́ fi ẹrù ránṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Taobao gbà láti di owó mú láàárín wọn. Kámẹ́rà àlòkù kan tó wà ní Japan, tí iye rẹ̀ jẹ́ 750 yúánì, ni wọ́n kọ́kọ́ tà báyìí fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Síán. Ní ìparí 2004, iṣẹ́ ìdìmú náà di iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀, Alipay, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ohun tí wọ́n rà níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan ńlá. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n yanjú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé, ká fi ọjà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá kan tó ń ta omi tútù àti ẹja dídì ní Pobẹ̀ fẹ́ ra fírísà àlòkù. Ó rí ọ̀kan lórí Fesibúùkù. Ọlọ́jà wà ní Kútọnu, 150,000 sẹ́fà ni wọ́n dúnàádúrà sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú fírísà ni, nítorí pé kì í ṣe ọjà tí ojú lè rí tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fírísà tí gáàsì ń jò lára rẹ̀ a máa kùn bíi ti èyí tó dára, iná rẹ̀ a tàn, inú rẹ̀ a tilẹ̀ tutù díẹ̀. Ìgbà tó bá fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ ni èèyàn tó lè mọ̀ bóyá ó lè sọ omi di yìnyín. Bí wọ́n bá sì gbé e dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, kò yẹ kí wọ́n tan án bó ṣe ń dé: òróró inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti ṣàn lọ sínú páìpù, ó nílò kó wà lóòró fún wákàtí mélòó kan, kí òróró náà padà sáyè rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ rà á, àmọ́ n ò ní sanwó kí n tó rí i pé ó ń dì.”

“Màmá, ẹ má bínú, èmi náà ò ní gbé e sọ́kọ̀ kí n tó rí owó.”

Àwọn méjèèjì ló jàre. Bí ìyá bá kọ́kọ́ fi MoMo sanwó, owó náà lè kúrò nínú fóònù ọlọ́jà kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé; ó ti gbà á sọ́wọ́ nídìí kíósì, kò sì sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè fà padà. Bí wọ́n bá sì fi í sí pé ìgbà tí ẹrù bá dé ni kí ó sanwó, awakọ̀ ni yóò dúró tì í ní páàkì tí yóò máa béèrè owó, bẹ́ẹ̀ fírísà kò tíì ṣeé tàn. Sísan owó nígbà tí ẹrù bá dé dára fún bàtà àti fún aṣọ. Kò gba ẹni tó ra ohun tí àìsàn rẹ̀ ń fara pamọ́.

Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ agbàdìmú. Kí owó kankan tó jáde, wọ́n jọ kọ ìwé sínú Wasáàpù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fèsì pé àwọn gbà. Ìwé náà sọ irú fírísà tó jẹ́, bó ṣe tóbi tó, àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa dán an wò: kó wà lóòró fún ọjọ́ kan láìtan iná, kí wọ́n wá tàn án, kí wọ́n kó píọ́wọ́tà mẹ́wàá sí i, bí wákàtí 24 bá pé, kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti dì gbagidi. Ó sọ gbèdéke: ọjọ́ mẹ́rin láti ọjọ́ tí ẹrù bá dé Pobẹ̀, bí SBEE bá sì mú iná lọ, kí wọ́n fi wákàtí tí iná fi lọ kún un. Bí gbèdéke bá kọjá tí ìyá kò sọ nǹkan kan, owó di ti ọlọ́jà. Bí fírísà bá yege, owó di ti ọlọ́jà. Bó bá kùnà, ọlọ́jà ni yóò san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà, ọjọ́ tó bá sì gbà á ní Kútọnu ni owó ìyá yóò padà. Owó iṣẹ́ agbàdìmú jẹ́ 3,000 sẹ́fà, wọ́n pín in sí méjì.

Nítorí náà, 151,500 ni ìyá san. Agbàdìmú yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò, ó rí owó, òun fúnra rẹ̀ ló sì ránṣẹ́ sí ọlọ́jà pé owó ti wọlé. Ìyá kọ́ ló sọ ọ́, fọ́tò ìyá kọ́ ló jẹ́rìí. Ibí yìí ni ààbò ti ọlọ́jà wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní owó ti wọlé rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló sì ti gbé ẹrù sílẹ̀ nítorí irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo MTN ní Bẹ̀nẹ̀ lè tẹ *880# kó fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tó wà nínú àkáǹtì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó. Nígbà tí ọkàn ọlọ́jà balẹ̀, ó gbé fírísà sọ́kọ̀ tó gba Àjàṣẹ́ àti Sakété wá sí Pobẹ̀, ó fi nọ́ńbà awakọ̀ àti fọ́tò ẹrù nínú ọkọ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó dé, ìyá ní kí ọmọ rẹ̀ máa ya fídíò láìgé e láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Fídíò náà ni yóò fi hàn pé fírísà tó dé ni ó ń dán wò, kì í ṣe òmíràn.

Ká ní nínú píọ́wọ́tà mẹ́wàá, mẹ́fà dì, mẹ́rin ṣì ń mì bí ẹ̀kọ. Ìyá fi fídíò ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé, ó ní òun kò gbà á. Ọlọ́jà ní fírísà òun kò ní nǹkan kan, pé iná Pobẹ̀ ló lọọlẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ o! Bí iná bá lọọlẹ̀, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kí ni agbàdìmú yóò ṣe? Kò ní ṣèdájọ́ nípa ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn jù. Yóò wo ìwé. Ìwé ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ dì, kò sì sọ nǹkan kan nípa iná tó lọọlẹ̀. Bó bá di àríyànjiyàn báyìí, owó yóò wà níbi tó wà títí àwọn méjèèjì yóò fi fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n lè pe oníṣẹ́ iná láti wọn iná ilé náà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á jọ gbà kí iye rẹ̀ wálẹ̀ sí 130,000. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oníkálukú wọn yóò kọ iye kan náà ránṣẹ́ sí agbàdìmú; yóò fún ọlọ́jà ní 128,500, yóò dá 20,000 padà fún ìyá, yóò mú 3,000 tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó mú kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí ni pé owó kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Bí owó bá ti wà lọ́wọ́ ọlọ́jà ni, ìpè ìyá lè má wọlé mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé ni ààbò, ìwé náà sì ni ibi tí ààbò ti ń jò. Bí ìwé bá ní “kí fírísà dára”, kò sọ nǹkan kan. Dára lójú ta ni? Bó bá ní “kí omi mẹ́wàá dì ní wákàtí 24”, ojú mẹ́ta lè rí ohun kan náà.

Ó wá ku ẹni tó di owó mú. Kì í ṣe gbogbo ibi tí owó ń gbà kọjá ni ẹ̀síkírò. MoMo, Moov Money àti Celtiis Cash ń gbé owó láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni. Wọn kì í béèrè bóyá ẹrù dé. FedaPay àti KkiaPay, tí wọ́n bí ní Bẹ̀nẹ̀, ń bá oníṣòwò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníṣòwò ni wọ́n ń gbà á fún. Ọ̀tọ̀ ni kí owó máa rìn, ọ̀tọ̀ ni kí ó dúró de nǹkan. Síbẹ̀, òfin tó de owó orí fóònù ní ẹ̀kọ́ kan tó yẹ agbàdìmú. BCEAO, báńkì àgbà fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàṣẹ ní 2015 pé iye owó tí àwọn ènìyàn ní lórí fóònù, iye rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ wà ní báńkì nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí iléeṣẹ́ má pa á pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ní 2024, ó tún ṣe ìlànà tó ní kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ owó sísan fún ará ìlú gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ẹ̀síkírò orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo èyí ń wí ohun kan: owó tí a dì mú fún ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọ àpò ẹni tó dì í mú.

Ohun tí a ó sì bojú tó nìyẹn bó bá jẹ́ pé àgbà àdúgbò kan ní Sakété tàbí ẹni tó ní kíósì MoMo ni a fẹ́ kó di owó mú. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ pọ́nńbélé, kí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí owó yín bá wà nínú nọ́ńbà tó fi ń ṣòwò, ó lè fi san ti oníbàárà mìíràn lówùúrọ̀ kó tó rí òmíràn dí i lálẹ́. Bó bá kú lójijì, ẹbí yóò bá owó nínú fóònù rẹ̀, wọn kò ní mọ̀ pé kì í ṣe ogún. Nítorí náà, kí ó ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, kí ìwé tó ní orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tàbí ilé ni ẹ fẹ́ rà, ẹ má dán an wò rárá. Nọ́tẹ́ẹ̀rì ni kí ẹ lọ bá, nítorí dídi irú owó bẹ́ẹ̀ mú wà lára iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́.

Àwọn gẹ́máànù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń fi ọkàn balẹ̀, nítorí náà wọ́n ń ṣe agbàdìmú èké. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Ọlọ́jà ló máa ń yan agbàdìmú, òun ló ń fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, kò sì ní gbà kí ẹ lo òmíràn. Ojú ewé náà á dára, àmì àti èdìdì á pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ sanwó, nọ́ńbà fóònù lásán ni wọ́n máa fún yín. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín, orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà yóò jáde. Bó bá jẹ́ orúkọ ọmọkùnrin kan ni dípò orúkọ iléeṣẹ́, ẹ pa á dé. Bó bá sì ti gba owó àkọ́kọ́, yóò ní owó náà há, pé ẹ gbọ́dọ̀ san owó díẹ̀ sí i kó tó lè tú u sílẹ̀. Agbàdìmú tòótọ́ kì í béèrè owó ìtúsílẹ̀ tí kò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, kí ó fi àwọn ọ̀rọ̀ Wasáàpù àti nọ́ńbà pamọ́, kí ó má pa nǹkan kan rẹ́. Òfin orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2018 ka irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn, CNIN sì ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ti àwọn èké, ẹ̀síkírò òtítọ́ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò bá bàtà 5,000 sẹ́fà mu, nítorí owó iṣẹ́ àti wàhálà rẹ̀ lè ju èrè lọ. Kò sì mọ ohun tí kò sí nínú ìwé: bí ẹ kò bá kọ ọ́ pé kí ìlẹ̀kùn fírísà máa dé dáadáa, owó yóò jáde bí omi bá ṣáà ti dì. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ̀yin àti òun parí rẹ̀ láàárín ara yín, kí owó iṣẹ́ má bàa lọ, ààbò ti tú nìyẹn, kódà bó bá jẹ́ olóòótọ́ ni.

Yorùbá ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbàdìmú yóò ṣe yẹ̀bá lọ́jọ́ tó bá tú owó sílẹ̀. Bí fírísà bá kú lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí lára ohun tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹ̀yin àti ọlọ́jà, tàbí ti ẹ̀yin àti ilé ẹjọ́. Gbogbo ààbò tó ní, inú ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló wà, láti ìgbà tí owó ti kúrò lọ́wọ́ yín títí di ìgbà tí ẹ ní, “Mo gbà.” Nítorí náà, ẹ má yára sọ ọ́. Kí píọ́wọ́tà kẹwàá kọ́kọ́ dì.